Òkúta Méjì Lọ́wọ́ Ọmọ Ọdún Méje

Ẹ jẹ́ ká bá Yúsúfù wọlé. Ó ti rìn títí dé ìkangun ilẹ̀ Kìrìmánì, nínú orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Ìráànì lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì fi rìn. Ọmọ Ṣírásì ni, Yúsúfù ọmọ Ahmádù, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó mú ìwé pélébé kan dání tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà kọ. Bàbá kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó bí àádọ́rùn-ún ọdún ló jókòó láàárín àwọn ènìyàn níwájú rẹ̀. Orúkọ tí àwọn oníkéwú fi mọ Bàbá náà ni Abul-Wákítì, ará Hẹ̀rátì. Yúsúfù kí i, ó súnmọ́ ọn, ó fi ẹnu kò ó bí ọmọ ṣe ń bọ̀wọ̀ fún bàbá, ó sì jókòó síwájú rẹ̀.

Ojú Yúsúfù la fi ń wo gbogbo ohun tí ẹ ó rí níbí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé tó fi kó ogójì hádíìsì jọ láti ogójì ìlú, Dáhábì ará Damásíkù sì dà á kọ sínú ìtàn àwọn àgbà onímọ̀, kó má bàa sọnù.

Bàbá béèrè ohun tó gbé e dé ilẹ̀ yẹn. Yúsúfù ní lẹ́yìn Ọlọ́run, Bàbá ni òun ń wá bọ̀. Ó ní òun ti fi gègé kọ èyí tó tẹ òun lọ́wọ́ nínú àwọn hádíìsì Bàbá, òun sì wá fi ẹsẹ̀ rìn wá báyìí, kí òun lè rí ìbùkún ẹnu rẹ̀ gbà, kí ìsínáàdì òun sì lè ga.

Ohun tó ń wá yìí kì í ṣe ohun kékeré. Hádíìsì kọ̀ọ̀kan ló ní ìsínáàdì, ìyẹn orúkọ àwọn tó gbà á lọ́wọ́ ara wọn, láti orí ẹni tó ń kà á lónìí títí dé ọ̀dọ̀ Ànábì. Bí orúkọ bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àyè àṣìṣe ń fẹ̀ sí i: ẹnì kan lè gbàgbé, ẹlòmíràn lè ṣì í gbọ́. Èyí tí orúkọ inú rẹ̀ kéré ni wọ́n ń pè ní ìsínáàdì gíga. Imam Bùhárì tó kọ Sahíhì kú ní 870. Nígbà tí Yúsúfù fi wọlé yìí, ọ̀rúndún kejìlá ti dé ìdajì. Lápá Àńdálúsì lọ́hùn-ún, àwọn àgbà onímọ̀ ìgbà náà ń ka Sahíhì pẹ̀lú ènìyàn márùn-ún láàárín àwọn àti Bùhárì. Láàárín Abul-Wákítì àti Bùhárì, ènìyàn mẹ́ta péré ni: Dáwúdì ti Búṣánjì, tó gbọ́ ọ lẹ́nu Sàráhísì, tó gbọ́ ọ lẹ́nu Fìrábúrì, tó gbọ́ ọ lẹ́nu Bùhárì fúnra rẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ló kún nǹkan bí ọ̀rìnlérúgba ọdún.

Báwo ni ènìyàn mẹ́ta ṣe lè kún àkókò tó gùn tó bẹ́ẹ̀? Bàbá ló dáhùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yúsúfù kò béèrè. Ó kọ́kọ́ ṣàdúà fún un. Lẹ́yìn náà ló sọ pé bí Yúsúfù bá mọ òun dájú ni, kò ní kí òun, kò sì ní jókòó síwájú òun. Ó bú sẹ́kún. Ó sunkún pẹ́, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì bá a sunkún. Nígbà tí ara rẹ̀ rọ̀, ó ní kí ọmọ òun mọ̀ pé òun náà ti fi ẹsẹ̀ rìn rí nítorí Sahíhì.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀ lọ sí ọdún 465 Hijira, láàárín 1072 àti 1073. Ọmọ ọdún méje ni. Bàbá rẹ̀, Ṣéèkì Ísá, fẹ́ mú un láti Hẹ̀rátì lọ sí Búṣánjì, ní ìwọ̀-oòrùn, lọ́dọ̀ Dáwúdì. Ìlú méjèèjì wà nínú ilẹ̀ Afganísítánì òde òní. Ọ̀nà náà lé ní àádọ́ta kìlómítà, bí ẹni tó gbéra ní Ìbàdàn tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ dé Ọ̀yọ́. Fún àgbàlagbà, kò jìnnà púpọ̀. Fún ẹsẹ̀ ọmọ ọdún méje, ayé lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ ni.

Kí wọ́n tó rìn jìnnà, Ísá fi òkúta méjì sí ọmọ náà lọ́wọ́, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, ó ní kó máa gbé e lọ. Ọmọ ń bẹ̀rù bàbá rẹ̀, kò lè jù ú sílẹ̀. Ó ń rìn, bàbá ń wò ó. Nígbà tí Ísá rí i pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́, ó ní kó ju ọ̀kan nù. Ara ọmọ fúyẹ́, ó tún ń lọ. Nígbà tó tún pẹ́ díẹ̀, bàbá béèrè bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù kò jẹ́ kó sọ òótọ́, ó ní rárá. Bàbá ní kí ló dé tí ìrìn rẹ̀ wá ń falẹ̀? Ọmọ sáré síwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó di aláìlágbára. Ísá gba òkúta kejì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ nù, ó gbé ọmọ náà, ó sì ń rìn lọ.

Mo ti ka ìtàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ibi òkúta náà ló máa ń dá mi dúró. Ẹlòmíràn á ní bàbá náà le jù, mi ò sì ní bá a jiyàn, nítorí lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún, ẹ̀rù náà ṣì wà lẹ́nu Abul-Wákítì nígbà tó ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Ísá ṣe ṣe é. Kò sọ fún ọmọ pé ọ̀nà kò jìnnà. Ó di ẹrù lé e lọ́wọ́ nígbà tí agbára ṣì wà, kó lè rí ohun tí yóò yọ kúrò nígbà tí agbára bá tán. Nígbà tí kò sì sí ohun mìíràn tó lè yọ mọ́, ó sọ ọmọ náà di ẹrù ara rẹ̀.

Wọ́n ń pàdé àwọn àgbẹ̀ àtàwọn mìíràn lọ́nà. Àwọn yìí mọ Ísá. Wọ́n ní kí Ṣéèkì gbé ọmọ kékeré náà fún àwọn, kí òun náà gun ẹran, kí àwọn gbé àwọn méjèèjì dé Búṣánjì. Ísá kọ̀. Ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àwọn gun ohunkóhun lọ wá hádíìsì Ànábì. Àwọn yóò rìn ni, bí ọmọ kò bá sì lè rìn mọ́, òun yóò gbé e lé orí, nítorí ọ̀wọ̀ tí òun ní fún ọ̀rọ̀ Ànábì àti nítorí ẹ̀san rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé Búṣánjì. Dáwúdì tí wọ́n bá níbẹ̀ ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún bí a bá fi oṣù ojú ọ̀run kà á. Ẹni tó ń ṣọ́ ohun tó ń jẹ gan-an ni. Nígbà tí àwọn jagunjagun Túríkì kó ẹran ọ̀sìn àwọn ará ìlú, Dáwúdì ṣíwọ́ ẹran jíjẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó má bàa jẹ ẹran olóhun, ó wá ń jẹ ẹja. Lọ́jọ́ kan wọ́n sọ fún un pé ọ̀gágun kan jẹun lẹ́bàá odò tí wọ́n ti ń pa ẹja náà, ó sì gbọn ìyókù oúnjẹ rẹ̀ sínú omi. Láti ọjọ́ náà, Dáwúdì kò jẹ ẹja mọ́.

Ibí yìí ni ìdáhùn wa wà. Dáwúdì fúnra rẹ̀ gbọ́ Sahíhì lẹ́nu Sàráhísì ní ọdún 381 Hijira, ìyẹn 991. Ọdún 374 ni wọ́n bí i. Òun náà jẹ́ ọmọ ọdún méje! Sàráhísì kú kí ọdún náà tó parí. Dáwúdì wá di arúgbó, Ísá gbé ọmọ ọdún méje mìíràn wá bá a, ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn Dáwúdì náà kú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ayé ni wọ́n ń mú wá síwájú arúgbó tó ń parí rẹ̀, ìjókòó kan náà sì di afárá ọgọ́rùn-ún ọdún. Ká ní Ísá dúró kí ọmọ òun dàgbà, kó lè rìn dáadáa kó tó lọ, ibojì Dáwúdì ni ì bá bá ní Búṣánjì.

Àmọ́ ṣé ẹ̀rí ọmọ ọdún méje ṣeé gbà? Àwọn onímọ̀ jiyàn rẹ̀ gan-an. Mahmúdù ọmọ Rábíì, ọ̀kan nínú àwọn tó rí Ànábì, sọ pé òun rántí bí Ànábì ṣe fi ẹnu tu omi inú garawa sí òun lójú nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Bùhárì kọ ọ́ sínú Sahíhì, púpọ̀ sì fi ọdún márùn-ún ṣe òdiwọ̀n. Ọmọ tó bá ti tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé ó gbọ́. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé ó wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọdún kọ́ ni ká wò, ká wò ó bóyá ọmọ náà lóye ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ, tó sì lè dáhùn. Èmi fara mọ́ èyí.

Bó ti wù kó rí, ẹnikẹ́ni kò ní kí ọmọ náà há Sahíhì tó ju 7,000 hádíìsì lọ sórí kó tó kúrò níbẹ̀. Ìwé ni yóò máa kà jáde nígbà tó bá dàgbà. Ohun tó ń gbà lọ́jọ́ náà ni ẹ̀tọ́ láti sọ pé wọ́n ka ìwé yìí lójú òun, lọ́dọ̀ ẹni báyìí. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ da iṣẹ́ méjì pọ̀. Abul-Wákítì jẹ́ ẹni rere, Súúfí tó sin Ánsárì, àgbà Hẹ̀rátì, tó sì jẹ́ pé Ánsárì ló sọ ọ́ ní orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Ìyìn rẹ̀ ni pé ó ní sùúrù fún àwọn tó ń kàwé níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ hádíìsì tó dúró àti èyí tí kò dúró, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ hádíìsì wò lẹ ó lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Yúsúfù ní Kìrìmánì. Bàbá parí ìtàn rẹ̀. Ó ní nípa èrò rere bàbá òun, nínú gbogbo àwọn ẹgbẹ́ òun, òun nìkan ló kù tó gbọ́ Sahíhì bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń ti ìlú jíjìn wá bá òun. Lẹ́yìn náà ó fi ojú sọ fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé kéwú rẹ̀ pé kó gbé nǹkan dídùn wá fún àlejò. Yúsúfù kò fẹ́ jẹun. Ó ní kí òun ka ìwé Abul-Jáhámù dùn mọ́ òun ju kí òun jẹ àdídùn lọ. Ìwé náà ló mú dání láti òde, àkójọ hádíìsì kékeré tí ìsínáàdì tirẹ̀ náà ga. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bí oúnjẹ bá wọlé, ọ̀rọ̀ á jáde. Wọ́n gbé àwo wá, àdídùn ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́.

Ẹ wo ohun tí Yúsúfù ṣe lẹ́yìn oúnjẹ. Ó fa ìwé tirẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó bẹ Bàbá kó gbé ojúlówó ìwé tirẹ̀ wá ná, èyí tí wọ́n kọ ẹ̀rí gbígbọ́ rẹ̀ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ iṣẹ́ nìyí, nítorí ẹni tó bá ka ẹ̀dà tirẹ̀ síwájú arúgbó láìsí ìwé kejì tí wọ́n fi ń wò ó, kò mọ ohun tó ń gbà. Ojú Bàbá lè ti ṣú, ọkàn rẹ̀ lè lọ sí ibòmíràn, kí akẹ́kọ̀ọ́ ka àṣìṣe ara rẹ̀ kọjá, kó sì máa fi orúkọ Bàbá sọ ọ́ kiri. Bàbá gbé ìwé náà wá. Ó tún sọ fún un pé kó má bẹ̀rù, kó má sì ṣe ojúkòkòrò, nítorí òun ti sin ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbọ́ hádíìsì lẹ́nu òun, kó tọrọ àlàáfíà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Yúsúfù kàwé náà tán, ó sì yọ̀.

Irú ìjókòó báyìí kì í parí láìsí àkọsílẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé tàbí sí iwájú rẹ̀: orúkọ Ṣéèkì, orúkọ ẹni tó kàwé, orúkọ gbogbo ẹni tó gbọ́, ibi tí wọ́n jókòó sí, ọjọ́, oṣù, ọdún, àti orúkọ ẹni tó kọ àkọsílẹ̀ náà. Bí ẹnì kan bá pẹ́ dé tí apá kan fò ó, wọ́n á kọ ibi tó fò ó. Wọ́n a máa kọ ọ́ pàápàá bí ẹnì kan bá ń tòògbé tàbí tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ìwé ń lọ. Nípa èyí ni wọ́n ṣe ń mú òpùrọ́. Ẹni tó bá ní òun gbọ́ ìwé kan lẹ́nu Ṣéèkì kan, wọ́n á bi í léèrè ọdún tó gbọ́ ọ àti ìlú tó ti gbọ́ ọ. Bí Ṣéèkì náà bá ti kú kí ọdún náà tó dé, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Yúsúfù kò padà sílé. Ó gbọ́ Sahíhì lẹ́nu Bàbá lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń sìn ín, títí wọ́n fi wà ní Bàgídáàdì. Bàbá wọ ìlú náà ní òpin ọdún 1157, ẹni tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, lẹ́yìn tó ti kàwé ní ìlú púpọ̀ láti Hẹ̀rátì wá. Ibunu Hubáírà tó jẹ́ olórí àwọn ìjòyè ọba gbà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sì ka Sahíhì lọ́dọ̀ Bàbá ní Nìsámíyà, ilé kéwú ńlá ìlú náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Bàbá pinnu láti lọ sí Háájì, ó sì ti kó gbogbo ohun tó fẹ́ mú lọ jọ.

Àyà Yúsúfù ni Bàbá fara tì nígbà tí ikú dé, ní oṣù Sùlì-Kádà 553, ìparí ọdún 1158. Súúfí kan wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó rán an létí ohun tí Ànábì sọ nípa ẹni tí kálímà ìṣọ̀kan Ọlọ́run bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀. Bàbá gbé ojú sókè wò ó, ó fi àyọkà Yáásíìnì dáhùn, níbi tí onígbàgbọ́ tí wọ́n pa ti ń sọ pé ó wu òun kí àwọn ènìyàn òun mọ̀ pé Olúwa ti dárí ji òun. Ẹnu ya gbogbo wọn. Ó sì ń kà á lọ títí ó fi parí súrà náà, ó pe orúkọ Ọlọ́run, ó kú lórí ìjókòó lórí ẹní àdúrà rẹ̀. Ṣéèkì Abdúl-Kádírì Jílánì, ẹni tí àwọn ará Kádíríyà ilẹ̀ wa ń pe orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́, ló ṣe ìmáàmù ìrun òkú rẹ̀ ní mọ́sálásí ńlá. Ibi ìsìnkú Ṣunísíyà ni wọ́n sin ín sí.

Ohun tí Ísá ṣe ní Hẹ̀rátì kò tíì parí. Lára àwọn tó gbọ́ Sahíhì lẹ́nu Abul-Wákítì ní Bàgídáàdì lọ́dún yẹn ni ọmọ kan tó ń jẹ́ Huséínì Sàbídì, ọmọ bí ọdún méje. Ó dàgbà, ó darúgbó, ó sì ka Sahíhì ní Damásíkù ní ọdún 630 Hijira, ọdún kan kó tó kú. Ọmọdé kan jókòó síbẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, ó lọ. Ọmọ yìí kò di ààfáà. Iṣẹ́ òkúta ló ń ṣe ní Damásíkù, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Hájárì. Ní ọdún 706, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yẹ àkọsílẹ̀ àtijọ́ wò, wọ́n rí orúkọ rẹ̀ nínú ìjókòó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n wá a kàn, ó ṣì wà láàyè! Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú ní 1329, ó lé ní àádọ́rin ìgbà tí wọ́n ka Sahíhì lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìsínáàdì Bùhárì ló gba ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n èyí tó gbà á pọ̀ gan-an káàkiri ayé Mùsùlùmí. Ẹ̀yin ààfáà tí ẹ ní ìjáàsà Sahíhì nílé, ẹ mú un jáde, kí ẹ wá Hájárì, Sàbídì, Abul-Wákítì àti Dáwúdì nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì tún ń ka Bùhárì nínú oṣù Rámádánì, ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọdé tó jókòó sọ́dọ̀ yín sẹ́yìn ìwé, ẹ kọ ọjọ́ orí wọn, ẹ kọ orúkọ ìlú, ẹ sì kọ ọdún.